Láti irun dúdú sí pupa bíi bàbà nínú fọ́tò: ibi tí áápù fóònù mọ, ibi tí kọ̀mpútà mọ

Bí irun inú fọ́tò bá ti mọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, áápù fóònù á pa á láró kí o tó ṣẹ́jú, á sì dára. Irun tó dúdú bíi kóró iṣin ló máa ń tú àṣírí wọn. Òun náà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí: irun dúdú tí a fẹ́ kó di pupa bíi bàbà.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Ya fọ́tò náà lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ohun tó wà lẹ́yìn orí má sì jẹ́ dúdú. Yan àwọ̀ nínú áápù, kí o fa agbára rẹ̀ sí nǹkan bí 50. Bí o bá fà á dé 90, dídán irun á parẹ́, orí á wá dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà, kí o wo ibi mẹ́ta: etí irun níwájú orí, ẹ̀yìn etí, àti ibi tí irun ti kan aṣọ. Ibẹ̀ ni wàá ti rí àwọ̀ tó ta sára awọ bí ẹni pé osùn kán sí i, nígbà tí àwọn fọ́nrán tó yọ síta ṣì dúdú. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ áápù máa ń sọ fọ́tò di kékeré kí wọ́n tó wá ibi tí irun wà, wọ́n á wá na ohun tí wọ́n rí padà. Fọ́nrán kan ṣoṣo kì í yè é. Bí irun bá jẹ́ dídì, àlàfo àárín rẹ̀ náà á pọ́n. Bí áápù náà bá ní ìpàrẹ́, fi nu awọ; ti àwọn fọ́nrán yẹn kò ní àtúnṣe.

Lórí kọ̀mpútà, GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, tó iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn kàn da àwọ̀ lé irun lórí. Wò ó: òdo ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun. Ká ní ibì kan lórí irun wà ní 20. Bí o bá fi àwọ̀ bàbà `#B4532A` lé e ní `HSL Color`, ọ̀nà ìdàpọ̀ àwọ̀ tó máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́, ohun tí wàá rí kò ju nǹkan bíi 32 fún pupa, 15 fún àwọ̀ ewé, 8 fún búlúù lọ. Dúdú náà nìyẹn. Àfi kí o kọ́kọ́ gbé ìmọ́lẹ̀ irun sókè:

1. Lọ sí `Layer > Duplicate Layer`. Lórí ẹ̀dà yìí, ṣí `Colors > Curves`, gbé 20 lọ sí 75, kí o sì gbé 100 lọ sí 165. Gbogbo fọ́tò á ràn yòò; má bẹ̀rù.
2. Ṣe ìpele tuntun, ìyẹn `Layer`, lórí rẹ̀, fi `#B4532A` kún un, kí o sì yí `Mode` rẹ̀ sí `HSL Color`. Ibi tó jẹ́ 20 lẹ́ẹ̀kan á di nǹkan bíi 122, 56, 28: bàbà gidi.
3. Ṣe `Layer Group`, fa ìpele méjèèjì sínú rẹ̀, kí àwọ̀ wà lókè. Láti `Layer > Mask`, fún àkójọ náà ní ìbòjú, kí o yan `Black (full transparency)`. Irun á padà sí dúdú.
4. Fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí etí rẹ̀ rọ̀ kun irun lórí ìbòjú náà. Lo èyí tó tóbi láàárín orí. Ní etí irun, sọ ọ́ di 2 sí 4, kí o máa fà á síbi tí irun ń dà sí, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn.
5. Dín `Opacity` àkójọ náà sí nǹkan bí 80, kí dúdú díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú òjìji irun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló ń jẹ àkókò, pàápàá bí irun bá ká. Kọ̀mpútà náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ pin. Láàárín 12 àti 14, ohun tó yàtọ̀ kò ju 2 lọ. Lẹ́yìn `Curves`, ó lè tó 7. Àbàwọ́n tí JPEG fi pamọ́ sínú dúdú á wá jáde bí èlà, ní onígun mẹ́rin-mẹ́rin. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, fi `Color Picker` tẹ ibi tó dúdú jù: bó bá jẹ́ òdo tàbí 2 lo rí níbi gbogbo, kò sí fọ́nrán kankan níbẹ̀ tí o lè gbé jáde. Tún fọ́tò yà. Ohun mìíràn ni pé fọ́tò kan ṣoṣo lo ṣe. Ẹni tó fẹ́ yí orí sọ́tùn-ún sósì kó rí bí àwọ̀ mẹ́fà ṣe bá ojú òun mu, fóònù ni kó mú.

Tó bá jẹ́ torí aró gidi lo fi ń dán an wò, fọ́tò tí o kò lo `Curves` fún, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí dúdú, ló sún mọ́ òótọ́ jù: aró tí kò ní ohun tó ń bó irun kì í sọ irun dúdú di mímọ́.