Ta ló ń ra bàtà fún ọkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo gbólóhùn yìí: "Mo rà túntún bàtà fún ọkọ́ mi." Bàálé mi ni mo ra bàtà fún o, mo sì fi àmì sí i dáadáa, àmọ́ wọ́n kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìdáhùn: Wọn ò ní ṣàìṣe yẹ̀yẹ́, torí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè lẹ ra bàtà fún! Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ ná ká tó dé orí àmì. Orúkọ ló ń ṣáájú, ohun tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, bàtà tuntun nìyẹn, kódà tó bá gùn sí i, bàtà tuntun méjì yìí la máa sọ. "Mi" tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn ti wà níbi tó yẹ.

Ó ku àmì ohùn. Ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ fi dò re mí kùn ún bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an, re ò sì ní gba àmì kankan. Tuntun, re re ni, àwọn tó ń rò pé "tún" ló wà níbẹ̀ ló ń gbé e sókè. Ọkọ tó fẹ́ yín, re re lòun náà, ọkọ́ ni re mí, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ sì ni re dò. Gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́ re re dò dò re re mí re re re:

Mo ra bàtà tuntun fún ọkọ mi.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n "rà" ló wà nínú díṣọ́nárì, kí ló dé tẹ́ ẹ yọ àmì ẹ̀?

Ìdáhùn: Díṣọ́nárì ò purọ́. Tó bá dá dúró, dò ni: "bàtà tuntun ni mo rà." Tó bá jẹ́ "á" ló tẹ̀ lé e náà, dò ṣì ni: "mo rà á." Tí orúkọ bá ti wá di àbọ̀ ẹ̀ báyìí, á gòkè di re, "mo ra bàtà", bẹ́ẹ̀ náà ni tà, kà àti gbà ṣe ń di ta ọjà, ka ìwé, gba owó. Rí ò ní yí ní tiẹ̀, "mo rí bàtà" náà ni, torí ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn dò nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ìbéèrè: Tí mo bá wá gbàgbé àmì abẹ́, ṣé dò re mí yẹn á fi hàn mí?

Ìdáhùn: Rárá o! Oko àti ọkọ, re re ni méjèèjì, ẹ lè kùn ún títí kẹ́ ẹ má mọ̀ pé oko lẹ ra bàtà fún. Ṣe lẹ máa la ẹnu kà á, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá o inú "lo" ni àbí ọ inú "lọ". Èmi tún máa ń ṣọ́ nǹkan kan, nínú orúkọ kúkúrú tí kì í ṣe àkànpọ̀, o àti ọ kì í jọ gbé, torí náà tẹ́ ẹ bá rí "ọko" tàbí "okọ", àmì abẹ́ kan ti já bọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí méjèèjì bá já bọ́ pọ̀, ìtumọ̀ nìkan ló lè mú un.