Owó-orí àyọsílẹ̀ lára owó agbaṣẹ́ṣe: àwọn àṣìṣe tí ó ń jẹ́ kí owó náà há sójú ọ̀nà

Bí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan bá gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún agbaṣẹ́ṣe, kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni yóò wọ àkáǹtì rẹ̀. Òfin ní kí ẹni tí ó ń sanwó yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó yọ ránṣẹ́ sí àjọ agbowó-orí ní orúkọ agbaṣẹ́ṣe náà. Kì í ṣe owó ìtanràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó-orí mìíràn tí ó dá dúró. Owó-orí tí agbaṣẹ́ṣe ì bá san nígbà tí ọdún bá parí ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ bí owó iṣẹ́ ṣe ń wọlé fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni àárín ọjọ́ tí wọ́n yọ owó náà àti ọjọ́ tí ó yẹ kí orúkọ agbaṣẹ́ṣe hàn lórí rẹ̀ nínú ìwé àjọ, àárín yìí gan-an ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó tóbi ju ohun tí òfin ń pè ní ilé-iṣẹ́ kékeré lọ, gbé iṣẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan tí ń gbé ní Ṣágámù ní ọdún 2025. Orúkọ òwò ni agbaṣẹ́ṣe náà fi ń ṣiṣẹ́, kò dá kọ́ḿpìnì sílẹ̀. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦6,000,000, wọ́n sì pín sísan rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta: ₦2,400,000 fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì, ₦2,100,000 nígbà tí wọ́n kan òrùlé ní oṣù karùn-ún, àti ₦1,500,000 tí ó kù ní oṣù keje. Ìlànà tuntun lórí yíyọ owó-orí sílẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2024 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, sọ pé náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n máa yọ lára owó ilé kíkọ́. Gbogbo ohun tí ilé-ìwé yóò yọ títí iṣẹ́ yóò fi parí jẹ́ ₦120,000.

Àṣìṣe kìíní ni pé bọ́sà yóò san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní odindi, pẹ̀lú èrò pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ san àsanparí ni òun yóò yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin kò dúró de àsanparí. Ọjọ́ tí owó bá jáde ni owó-orí ti di yíyọ, ìbáà jẹ́ owó àkọ́san tí a kò tíì fi da búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦48,000 ni kí ó yọ ní oṣù kejì, ₦42,000 ní oṣù karùn-ún, àti ₦30,000 ní oṣù keje. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù keje ti kọjá gbèdéke lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí agbaṣẹ́ṣe bá sì pa iṣẹ́ tì lẹ́yìn tí wọ́n kan òrùlé, kò sí owó tí ilé-ìwé yóò san fún un mọ́ tí wọn yóò ti yọ ohunkóhun.

Ibi tí owó náà ń lọ tún jẹ́ kókó mìíràn tí ọ̀pọ̀ ń ṣì. Bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ bá jẹ́ kọ́ḿpìnì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́ḿpìnì, àjọ agbowó-orí ti ìjọba àpapọ̀ ni owó rẹ̀ ń lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn kan tàbí orúkọ òwò lásán, bíi ti agbaṣẹ́ṣe wa yìí, àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ ni, gbèdéke rẹ̀ sì ni ọgbọ̀njọ́ oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ₦48,000 ti oṣù kejì gbọ́dọ̀ ti dé Abẹ́òkúta kí ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta tó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo bí orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ṣe gùn tó. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kí a béèrè, kí a sì kà á.

Ohun kan wà nínú èyí tí ó kan àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, nítorí pé ẹnu ààlà Èkó ni a wà. Ìpínlẹ̀ tí agbaṣẹ́ṣe ń gbé ni ó ni owó-orí rẹ̀. Ibi tí ilé tí ó kọ́ wà kọ́ ni a ń wò. Bí ó bá jẹ́ pé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ ni agbaṣẹ́ṣe wa ti ń wá, tí ó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó ni owó àyọsílẹ̀ rẹ̀ ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni gbogbo búlọ́ọ̀kù náà dúró lé. Bọ́sà tí ó bá ti mọ́ lára láti máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ògùn yóò dá agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀ lóró láìmọ̀, nítorí pé Èkó kò ní ka owó tí Ògùn gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù lọ ni kí a fi owó ránṣẹ́ láìfi olówó rẹ̀ hàn. Bọ́sà lè ní agbaṣẹ́ṣe mẹ́rin nínú oṣù kan: ẹni tí ó ń kọ́lé, ẹni tí ó ń kun ọ̀dà, ẹni tí ó kó àga wá, àti ayàwòrán ilé. Yóò ro gbogbo ohun tí ó yọ pọ̀, yóò san án sí báńkì lẹ́ẹ̀kan, yóò gba ìwé ẹ̀rí báńkì, yóò sì kà á sí pé iṣẹ́ ti parí. Ní tirẹ̀, kò jalè. Ní ti àjọ, owó wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Àfikún ìwé tí ó yẹ kí ó bá owó náà rìn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà owó-orí rẹ̀, irú iṣẹ́ tí ó ṣe, odindi owó tí ó tọ́ sí i, iye tí wọ́n yọ, àti oṣù tí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ohun kan náà ni kí ó wà lórí rìsíìtì tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́.

Kí agbaṣẹ́ṣe náà ka rìsíìtì yẹn dáadáa kí ó tó fi í pamọ́. Orúkọ òwò rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé tí ó fi béèrè owó, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ wà fún. Bí rìsíìtì bá gbé orúkọ òwò tí kò sì gbé nọ́ńbà, akọ̀wé tí yóò wá a lórí kọ̀ǹpútà kò ní rí i. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yí, àkáǹtì ẹlòmíràn ni owó ń wọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ owó náà ni ó rọrùn jù láti ṣe àtúnṣe. Tí ó bá di ọdún kejì, tí bọ́sà ti lọ sí ilé-ìwé mìíràn, ẹsẹ̀ agbaṣẹ́ṣe ni yóò máa ro ó lójú ọ̀nà.

Ní ti iye tí a ń yọ, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti ilé kíkọ́ kò kan ayàwòrán ilé àti àwọn agbaninímọ̀ràn. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìlọ́po méjì ni wọn yóò yọ lára rẹ̀, èyí tí yóò sọ ₦120,000 agbaṣẹ́ṣe wa di ₦240,000. Bí iṣẹ́ bá sì ní fáàtì, ìyẹn owó-orí tí a ń bù lé iye ọjà tàbí iṣẹ́, odindi owó iṣẹ́ ṣáájú fáàtì ni a ń ṣírò lé. Ká ní kọ́ḿpìnì tí ń gba fáàtì ni ó ṣe iṣẹ́ wa, ìwé rẹ̀ yóò ka ₦6,450,000, ṣùgbọ́n ₦120,000 náà ni a ó yọ; ẹni tí ó bá yọ ₦129,000 ti jẹ ẹ́ ní ₦9,000.

Àwọn kan ti gbọ́ pé iṣẹ́ tí kò bá ju ₦2,000,000 lọ kò ní owó àyọsílẹ̀, wọ́n sì rọ̀ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ń sanwó nìkan ni àyè yìí wà fún, ó sì di ìgbà tí ẹni tí wọ́n ń san fún bá ní nọ́ńbà owó-orí. Àpapọ̀ iṣẹ́ inú oṣù kan ni wọ́n sì ń wò, nítorí náà pípín ₦3,000,000 sí ìwé méjì nínú oṣù kan náà kò yí ohunkóhun padà. Ilé-ìwé wa kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyí tí ó fi yọ ₦30,000 lára ₦1,500,000 oṣù keje.

Àwọn agbaṣẹ́ṣe náà ní àṣìṣe tiwọn. Àwọn kan a máa bu ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé iye iṣẹ́ kí ohun tí yóò dé ọwọ́ wọn má baà dín. Ìlànà 2024 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọ́dọ̀ ka owó yìí sí ìnáwó iṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kì í bọ iye àdéhùn. Ó tún jẹ́ ìwà tí kò mọ́gbọ́n wá, nítorí pé owó tí wọ́n ń dù yẹn, tiwọn náà ni.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti ìwé owó wọn. Agbaṣẹ́ṣe wo àkáǹtì báńkì rẹ̀, ó rí ₦2,352,000, ₦2,058,000 àti ₦1,470,000, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ₦5,880,000 lọ́dún yẹn. Iye tí ó rí gan-an jẹ́ ₦6,000,000. ₦120,000 inú rẹ̀ ti lọ dúró dè é lọ́dọ̀ àjọ. Bí ó bá kọ ₦5,880,000 tí kò sì mẹ́nu ba rìsíìtì, yóò san owó-orí rẹ̀ lódindi, ₦120,000 yóò sì wà níbẹ̀ láìní olùbéèrè. Bí ó bá kọ ₦5,880,000 tí ó tún wá kó rìsíìtì sílẹ̀, akọ̀wé tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ₦120,000 ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kò lè ti ara ₦5,880,000 jáde, yóò sì bi í léèrè ibi tí ìyókù wà.

Bí ó ṣe yẹ ni kí ó kọ ₦6,000,000 gẹ́gẹ́ bí owó tí ó wọlé, kí ó yọ owó sìmẹ́ńtì, irin, pákó àti owó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò, kí àjọ sì ṣírò owó-orí lórí èrè tí ó kù. Ká ní owó-orí tí wọ́n bù fún un fún ọdún 2025 jẹ́ ₦310,000, rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wọ inú rẹ̀, ₦190,000 ni yóò sì san nígbà tí ó bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2026 tó kọjá. Bí èrè ọdún náà bá kéré tí owó-orí rẹ̀ fi jẹ́ ₦95,000 péré, ₦25,000 ni àjọ jẹ ẹ́, ó sì lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọdún tí ń bọ̀ tàbí kí ó kọ̀wé béèrè rẹ̀ padà, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà.