Bí o ṣe lè ra obì lọ́wọ́ oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ kí òfin lè gbè ọ́ lẹ́yìn

Obì tó ń ti Ṣàbó Ṣágámù lọ sí Kánò kì í sábà bàjẹ́ lójú ẹni tó tà á. Ẹ̀yìn tí olùrà bá ti sanwó ni ìdin ń yọjú. Òfin ọjà títà tí à ń lò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wá látinú ti Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1893. Ó fi ìlérí méjì sínú àdéhùn yín, bí ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ wọn: pé ọjà náà ṣeé tà gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀, àti pé yóò wúlò fún ohun tí o torí rẹ̀ rà á. Ìkejì yìí kì í dédé wọlé o. Ìwọ lo máa pè é.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná an, sọ tẹnu rẹ: "Ẹ̀gbọ́n, Kánò ni mò ń kó gbànja yìí lọ, mo sì fẹ́ kó wà nínú apẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èwo lẹ rí pé ó lè tó bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè ìparí yẹn ló ṣe pàtàkì, torí ó fi hàn pé ìmọ̀ wọn lo gbára lé. Tún un fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù. Ẹni tó bá ní "mo mọ obì, ẹ jẹ́ n ṣà á fúnra mi" ti gbára lé ojú ara rẹ̀ nìyẹn.

Wò ó báyìí: obì tí wọ́n dì kí omi ara rẹ̀ tó fà ṣeé jẹ lónìí, ó sì ṣeé tà lónìí. Ìlérí àkọ́kọ́ lè má gbà ọ́ sílẹ̀. Ìkejì ló máa gbà ọ́, torí o ti dárúkọ Kánò àti oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, bí o bá máa yẹ ọjà wò, yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀. Àyẹ̀wò ojú lásán burú ju kéèyàn má wò ó rárá lọ, lójú tèmi. Ní ọdún 1919, àwọn oníṣòwò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo àgbá gọ́ọ̀mù, wọn kò ṣí i, ẹ̀yìn àgbá nìkan ni wọ́n wò. Ilé ẹjọ́ ní àléébù tí wọn ì bá rí ká ní wọ́n ṣí i, kò sí lọ́rùn ẹni tó tà á mọ́. Da apẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀, la obì díẹ̀, wá ihò kòkòrò.

Bí ẹrù bá gúnlẹ̀, tú u wò kíákíá. Bí ó bá ti bàjẹ́, ya fọ́tò, kí o sì kọ̀wé pé o kò gbà á. Má tà nínú rẹ̀! Bí o bá ti tà á, o ti gbà á, kò tún ṣeé dá padà. Owó ìtanràn tí ẹni tó tà á máa san fún ọ nìkan ló kù. Ká ní apẹ̀rẹ̀ 20 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá tó ₦100,000 tó bá dára, ṣùgbọ́n tí kò tó ju ₦60,000 lọ bó ṣe wà yìí: ₦800,000 lo lè béèrè.

Tí wọ́n bá na rìsíìtì sí ọ pé "ọjà tí a tà, a kì í gbà á padà," wo ìgbà tí wọ́n fún ọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tí ẹ ti parí ọ̀rọ̀ ni, ó ti pẹ́ jù láti dè ọ́.