Họ́ọ̀sì páwà nìkan kọ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ fi fọ́tò ra pọ́ǹpù tuntun

Bí súmò, ìyẹn pọ́ǹpù tó ń wà nínú bóòhóòlù, bá ti kú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Akúrẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ya fọ́tò àwo pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta pọ́ǹpù, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi wá irú èyí." Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí àwo náà, họ́ọ̀sì páwà nìkan ni olùtà àti olùrà jọ ń wò.

Ìyá kan ní Ọ̀bà-Ilé ra súmò tuntun lóṣù Kẹsàn-án. Wọ́n sọ fún wọn lọ́jà pé, "Mama, họ́ọ̀sì páwà kan náà ni, ẹ má mikàn." Lóòótọ́, omi yọ, táńkì sì kún. Nígbà tó di oṣù Kejì, wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, iná ara àpótí rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n omi ò gun táńkì mọ́." Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa á ná, torí omi tó ń ṣàn kọjá lára súmò ló ń tù ú lára. Bí ó bá ń yí tí omi ò ṣàn, yóò gbóná títí yóò fi jó.

Fọ́tò ti àtijọ́ ṣì wà lórí fóònù wọn. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti tuntun:

```
Àtijọ́:  P2 0.75 kW   Q 5–45 L/min    H 83–25 m
Tuntun: P2 0.75 kW   Q max 140 L/min  H max 40 m
```

Agbára méjèèjì dọ́gba, họ́ọ̀sì páwà kan ni 0.75 kW. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. H ni gíga tí pọ́ǹpù lè ti omi dé, Q ni iye lítà tó ń yọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni èkejì ń wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ 83 ṣáájú 25: lítà 5 ni yóò yọ bí omi bá ní láti gun mítà 83, lítà 45 bí ó bá jẹ́ mítà 25. `H max` ní tirẹ̀ ni gíga tí omi ò ti ní yọ mọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn máa rí lítà 140 ní mítà 40. Kò sí pọ́ǹpù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sínú bóòhóòlù náà, mo bá omi ní mítà 32. Ẹnu táńkì fi mítà 9 ga ju ilẹ̀ lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41, ti súmò tuntun sì parí sí 40. Lóṣù Kẹsàn-án, púlọ́ńbà wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mítà 18 ni omi wà, àpapọ̀ rẹ̀ nígbà náà ò ju 27 lọ. Òjò ló bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀. Orí àpáta ni Akúrẹ́ wà, omi inú ọ̀pọ̀ bóòhóòlù wa sì máa ń sá wálẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀rùn. Torí náà, ẹ má fi omi ìgbà òjò ṣe ìṣirò.

Àṣìṣe kejì wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Ìdá méjì ni súmò: mótò iná wà nísàlẹ̀, apá tó ń ti omi wà lókè, àwo tiwọn sì sábà máa ń yàtọ̀. Ti mótò á sọ kW, fóòtì, áḿpì àti µF kapásítọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí H àti Q níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mótò kan náà lè gbé oríṣiríṣi apá tó ń ti omi. Ẹ ya méjèèjì. Ẹ wo ìyàtọ̀ `P1` àti `P2` pẹ̀lú: `P1` ni iná tí mótò ń jẹ, `P2` ni agbára tó ń fún pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fi `P1` ti ọ̀kan wé `P2` ti èkejì, ẹ ti ṣìnà.

Ẹ fi àkísà tútù nu àwo náà, ẹ má fi sáńpépà kàn án, torí yóò ha lẹ́tà rẹ̀ lọ. Ẹ pa iná kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò, torí mo ti rí 6 tí wọ́n kà sí 8, àti 0.75 tí àmì àárín rẹ̀ ti pa rẹ́. Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù orí ilẹ̀ ni, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Suct. max` sí: ó sábà máa ń jẹ́ mítà 8, kò sì sí họ́ọ̀sì páwà tó lè mú un fa omi láti mítà 32.

Fún ìyá Ọ̀bà-Ilé, mo fi mítà 5 kún 41 nítorí omi tó máa ń lọ sílẹ̀ sí i bí a bá ti ń fà á, mo tún fi 2 kún un nítorí agbára tí páìpù ń jẹ bí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo wọn inú páìpù bóòhóòlù náà kí súmò má baà há síbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kejì ni bébà kékeré kan tí mo kọ ọ́ sí pé: lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ní mítà 48. Èyí tí wọ́n rà báyìí ń kún táńkì lítà 1,000 láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí.