Bàtà ìsáré tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo

Tí òjò bá ti rọ̀ ní Sùúrùlérè, bàtà òsì mi nìkan ló máa ń yọ̀, pàápàá lórí ọ̀dà funfun ojú títì. Mo gbé méjèèjì sórí tábìlì, mo wò wọ́n láti ẹ̀yìn: ti òsì ti wọ́ sí òde. Rọ́bà gìgísẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ tán, fóòmù ló ń kanlẹ̀, fóòmù kì í sì í di ilẹ̀ tútù mú bíi rọ́bà. Títì wa ló dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà, apá òsì ni mo sì ń gbà kí n lè rí mọ́tò tó ń bọ̀.

Èyí tí mo wá rà ní Yábà, rọ́bà bo gbogbo gìgísẹ̀ rẹ̀. Fóòmù rẹ̀ kò ga, kò sì rọ̀ jù, torí èyí tó rọ̀ jù máa ń tẹ̀ sí ibi tí ọ̀nà bá dagẹ̀rẹ̀ sí. Mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ orí rẹ̀, ó gba inú rẹ̀ kọjá. Omi náà á ríbi jáde. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ní omi kì í wọ̀: ọrùn ẹsẹ̀ ni omi Èkó máa gbà wọlé, inú bàtà ló sì máa dúró sí.

Ní àdúgbò tí mọ́tò ò pọ̀, mo ń pààrọ̀ apá títì. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń jẹ bákan náà.