Bí bọ́tìnì F3 ṣe gba àkọlé ìwé kóòtù lọ́wọ́ mi

Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ni mo ti ń tẹ̀wé, ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo. Ìwé tí ń gba ọwọ́ mi kọjá lóòjọ́ kì í sábà dín ní mẹ́wàá, ìwé ìbúra ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àkọlé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé lórí: orúkọ Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀ka ti Òṣogbo, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ṣí fáìlì ẹjọ́ àtijọ́, tí n ó da àkọlé rẹ̀ kọ sínú tuntun, tí n ó sì máa pa orúkọ àtijọ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ewu wà. Lọ́jọ́ kan, orúkọ olùjẹ́jọ́ inú ẹjọ́ ilẹ̀ kan ṣẹ́ kù sínú ìwé ìbúra ẹlòmíràn, wọ́n sì dá ìwé náà padà ní kóòtù. Ó dùn mí wọra, nítorí láti Ìkìrun ni oníbàárà wa ti wá búra sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì di dandan kí ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti fi àwọ̀ bo àkọlé kan tí mo fẹ́ dà kọ, nígbà tí ọ̀gá ké sí mi láti inú yàrá wọn pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú fáìlì yẹn wá." Mo fẹ́ yára fi Alt àti F4 pa Word dé, ṣùgbọ́n Alt àti F3 ni ọwọ́ mi bà. Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀mpútà, ó ń béèrè orúkọ níbi tí wọ́n kọ `Name` sí. Mo kà á dáadáa, mo tẹ `kotu` síbẹ̀, mo tẹ `OK`, mo sì gbé fáìlì lọ fún ọ̀gá. Nígbà tí mo padà, mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo tẹ `kotu`, mo tẹ F3, odidi àkọlé náà sì tò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò péye pátápátá ṣá. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn, tí ó yẹ kí ó wà láàárín, ti sá lọ sí ọwọ́ òsì. Ó gbà mí tó ọjọ́ méjì kí n tó mọ ìdí rẹ̀: ní òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Word ń tọ́jú ibi tí ìlà yóò dúró sí, sínú àmì `¶` tí a kì í rí. Bí a kò bá fi àwọ̀ bo àmì náà mọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò wọlé. Mo tẹ Ctrl, Shift àti 8 kí àwọn àmì náà lè hàn, mo fi àwọ̀ bo àkọlé náà títí kan `¶` ìkẹyìn, mo tún tẹ Alt àti F3, mo sì lo orúkọ `kotu` náà. Ó béèrè bóyá kí ó fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Kí n tó tún un pamọ́, mo ti yọ gbogbo orúkọ ènìyàn àti nọ́ńbà ẹjọ́ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi `xxx` sí àyè wọn. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí orúkọ àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò fara pamọ́ fún mi. Kí n tó tẹ ìwé jáde, n ó fi Ctrl àti F wá `xxx`. Bí ó bá kù sí ibì kan, yóò hàn.

Nígbà tí mo ń pa Word dé nírọ̀lẹ́, ó béèrè bóyá kí ó tọ́jú àyípadà tí mo ṣe. `Save` ni kí ẹ tẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá tẹ `Don't Save` yóò pàdánù gbogbo rẹ̀. Orí kọ̀mpútà tèmi nìkan ni `kotu` sì wà. Nígbà tí ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Àǹtí, tèmi ò jáde o," àfi ìgbà tí a jókòó ti kọ̀mpútà tirẹ̀, tí a sì tò ó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí ó kọjá, ìwé ìbúra mẹ́ta ti jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo fi àkókò tí ó ṣẹ́ kù jókòó, mo ń fi ìka tọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé wọn fún ọ̀gá.