Kí ló dé tí ooru fi ń mú ríákíṣọ́ọ̀nù yá? Àwọn ìbéèrè tí ẹ kì í jẹ́ kí n sinmi lórí wọn

"Sà, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tí a bá gbé e kaná?"

Àwọn mólékù ń sáré sí i, wọ́n wá ń fi agbára tó pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ kọlu ara wọn. Ìkọlù tí agbára rẹ̀ kò bá tó Ea, ṣe ni wọ́n á kàn ta kúrò lára ara wọn, kò sí nǹkan tó máa yí padà. Ea yìí ni agbára tó kéré jù tí ìkọlù gbọ́dọ̀ ní kí ìdè àtijọ́ tó já.

"Mo fi fọ́múlà e^(-Ea/RT) ṣe é, kakulétọ̀ gbé òdo jáde."

Ẹ ti fi 25 sípò T, ìyẹn bó ṣe gbóná tó. Kẹ́lífíìnì ni, ẹ fi 273 kún un. Tí ẹ bá lo R = 8.314 J/(mol·K), nọ́ńbà tí kì í yí padà, ẹ yí Ea kúrò ní kJ sí J. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí.

"Ṣé ooru ló ń dín Ea kù ni?"

Rárá o. Kátálísìtì ló ń la ọ̀nà míì tí Ea rẹ̀ kéré. Ooru ò fọwọ́ kan Ea, iye mólékù tó lè kọjá rẹ̀ ló ń fi kún.

"Ṣebí torí pé wọ́n ń kọlura lemọ́lemọ́ sí i ni, ó parí?"

Kò parí, ìdáhùn yìí ló sì ń gba máàkì lọ́wọ́ yín jù. Ọmọ kan wà tí mo ń kọ́, kò sí bí mo ṣe ṣàlàyé tó, "ìkọlù pọ̀ sí i" náà ló máa kọ padà wá. Mo wá ní ó dáa, mú bírò, jẹ́ ká kà á. Ríákíṣọ́ọ̀nù tí Ea rẹ̀ jẹ́ 53 kJ/mol, a gbé e láti 25°C lọ sí 35°C, ìyẹn 298 K sí 308 K. Iye ìkọlù inú gáàsì ń tẹ̀lé √T, kì í ṣe T fúnra rẹ̀, torí náà √(308/298) jẹ́ nǹkan bíi 1.017. Níbi tí ìkọlù 1000 ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di 1017. Bẹ́ẹ̀ ríákíṣọ́ọ̀nù yẹn máa yá ní ìlọ́po méjì! Mo ní kó fi 17 hàn mí bó ṣe di 1000, ló bá dákẹ́.

Ó tún ní ó dáa, bóyá gbogbo wọn ló ń kọlura líle sí i. Ìyẹn náà ò tó, torí agbára ìrìn tí mólékù ní ní ìpíndọ́gba fi nǹkan bíi 3.4% péré lé sí i. Ní 25°C, ìpíndọ́gba yẹn ò ju 3.7 kJ/mol lọ, níbo ni 3.7 ti fẹ́ bá 53? Àwọn tó wà ní ìpíndọ́gba kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, àwọn díẹ̀ tó wà lókè pátápátá ni, ìrù gíráàfù tó ń fi hàn bí agbára ṣe pín láàárín àwọn mólékù, lápá ọ̀tún.

Ìrù yẹn la wá kà, f ni ìdá ìkọlù tó tó Ea:

```
f = e^(-Ea/RT)
298 K: e^(-21.39) ≈ 5.1 × 10^-10
308 K: e^(-20.70) ≈ 1.0 × 10^-9
```

Nínú ìkọlù bílíọ̀nù 10, nǹkan bíi 5 ló tó Ea tẹ́lẹ̀, ó wá di 10. Ìlọ́po méjì wa dé nìyẹn! Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ya gíráàfù méjèèjì, ó jẹ́ kí orí ti 308 K lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó sì sún sọ́tùn-ún, ó fa ìlà Ea, ó wá kun ẹ̀yìn ìlà náà. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́yin náà ṣe kọ ọ́: ìkọlù pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìdá tó tó Ea ló pọ̀ gan-an.

"Nítorí náà, dígírì 10 kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po méjì?"

Tí Ea bá wà nítòsí 53 ni. Tó bá jẹ́ 100 kJ/mol, dígírì 10 kan náà á sọ ọ́ di nǹkan bíi ìlọ́po 3.7, tó bá jẹ́ 20, kò ní ju 1.3 lọ. Èyí tí Ea rẹ̀ ga ni ooru ń mú yá jù, àmọ́ ẹ̀yin ń rò pé òdì-kejì ni.

"Mo ṣe ti sódíọ̀mù táyósọ́fétì àti ásíìdì, àwọn èyí tó gbóná ò yá tó bó ṣe yẹ."

Ìgbà wo lẹ wọn ooru rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yín ń gbé táyósọ́fétì nìkan dé 50°C, ẹ̀ ń kọ 50 sílẹ̀, ẹ wá da ásíìdì tútù sí i, bẹ́ẹ̀ àpòpọ̀ náà ò sí ní 50 mọ́. Ẹ gbé méjèèjì gbóná, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí àmì X tí ẹ fi sábẹ́ ife bá pòórá.

"Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, gíráàfù ln k sí 1/T mi, níbi tí k ti jẹ́ nọ́ńbà bí ríákíṣọ́ọ̀nù ṣe yá tó, ṣì tẹ̀, kò gún."

Ẹ má fi rúlà fi tipátipá fa ìlà tó gún gba àárín ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí ríákíṣọ́ọ̀nù náà ń gbà ti yí padà bó ṣe ń gbóná, tó bá sì jẹ́ ẹ́ńsáímù, ooru lè ti bà á jẹ́, ìyẹn ni wàá rí i tó ń falẹ̀ bó ṣe ń gbóná sí i. Níbí, ẹ kó ìwé yín, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n, lọ bá olùkọ́ yín kó wò ó.